Oṣù Méjìdínlọ́gbọ̀n Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà: Bí Àbúrò Mi Ṣe Kọ Àlàfo Iṣẹ́ Rẹ̀ Fún Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, fi lẹ́tà èròǹgbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wátsáàpù. Ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ másítà nípa ìmójútó omi ní Jámánì, lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ EPOS tí àjọ DAAD ti ilẹ̀ náà fi ń ran àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ́wọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá Òyìnbó inú rẹ̀ dáa."

Òyìnbó inú rẹ̀ dáa. Ohun tó dà mí láàmú ni bí ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń fò bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Ní ìpínrọ̀ kejì, ó wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ bohóòlù ní Ìbàdàn. Ní ìpínrọ̀ kẹta, ó ti dé ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Abẹ́òkúta, ó ń sọ̀rọ̀ nípa páìpù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kò sí gbólóhùn kan tó so méjèèjì pọ̀. Mo ṣí ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, mo rí "2019–2020", lẹ́yìn náà "2023 títí di ìsinsìnyí". Mo kọ̀wé padà sí i: "Ìwọ, kí lo ṣe ní 2021 àti 2022?"

Kò dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀ ó pè mí. "Ẹ̀yin náà mọ̀, Àǹtí. Màmá ni."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Àwọn tí yóò ka lẹ́tà náà nìkan ni kò mọ̀.

Màmá rẹ̀ ti gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to ọjọ́ rẹ̀ bí ó ṣe rí. Àbúrò mi gba oyè ẹnjiníà nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀ka ilẹ̀ àti omi, ní oṣù Kejì 2018. Ó sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ láti oṣù Kẹrin 2018 sí oṣù Kẹrin 2019, ìṣirò ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní oṣù Karùn-ún 2019 ó wọ ilé-iṣẹ́ bohóòlù ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹjọ 2020, rọpárọsẹ̀ kọlu màmá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá wọn ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ṣì wà ní girama. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin oṣù náà, ó sì lọ sílé. Ó di oṣù Kínní 2023 kí ó tó tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Oṣù 28 ni ó fi wà nílé.

Kí ẹ tó lè lóye ẹ̀rù tó ń bà á, ẹ ní láti mọ ohun méjì tí ètò náà ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé olùbéèrè gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ náà fún ọdún 2 ó kéré tán, kí ó sì mú ìwé-ẹ̀rí wá láti ọwọ́ àwọn tó gbà á síṣẹ́. Èkejì ni pé oyè tó gbà kẹ́yìn kò gbọdọ̀ ti ju ọdún 6 lọ. Oyè tirẹ̀ yóò pé ọdún 6 ní oṣù Kejì 2024. Bí ó bá jẹ́ kí ọdún yìí kọjá, ó ti bọ́ nìyẹn. Ní ti ọdún 2 iṣẹ́, ẹ bá mi kà á: oṣù 16 ní Ìbàdàn, láti oṣù Karùn-ún 2019 dé òpin oṣù Kẹjọ 2020, oṣù 9 ní Abẹ́òkúta, láti oṣù Kínní dé òpin oṣù Kẹsàn-án 2023. Oṣù 25 ni àpapọ̀ rẹ̀. Oṣù kan péré ló fi ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Ìṣirò tó fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà àgùnbánirọ̀ kò jẹ mọ́ omi, a kò sì kà á mọ́ ọn.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé bí ó ṣe ń fi àlàfo yẹn pamọ́ ń ṣe é ní jàǹbá. Ó yọ orúkọ oṣù kúrò nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kí àlàfo náà má baà hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí "2019–2020" kò lè mọ̀ bóyá oṣù 24 ni tàbí oṣù 2, nítorí ẹni tó wọṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2019 tó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù Kínní 2020 náà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé láti kà kò ní jókòó máa rò ó sí rere fún un. Oṣù 25 tó fi òógùn ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìbẹ̀rù sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Mo sọ fún un pé kí ó kọ oṣù sí i lójú ẹsẹ̀, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kankan mìíràn. Europass, fọ́ọ̀mù ìtàn iṣẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ní kí wọ́n lò, pàápàá ní ààyè fún un.

Ó gbà. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe wọlé, ihò náà là gbàgà.

Ó wá jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnì kan ní ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń bá àwọn ènìyàn kọ irú lẹ́tà yìí. Onítọ̀hún fún un ní ìmọ̀ràn méjì. Èkínní: kí ó na iṣẹ́ Ìbàdàn dé oṣù Kejìlá 2022, gbogbo rẹ̀ á sì so pọ̀ dáadáa. Èkejì: bí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó ní Kòrónà ló dá iṣẹ́ òun dúró, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ pé 2020 le.

N kò fi ìbínú dá a lóhùn, nítorí mo mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé. Mo ní kí ó kó gbogbo ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí a jọ kà á lórí fóònù. Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ láti Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti kọ ọ́ sórí ìwé ilé-iṣẹ́, ó ti lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì kọ ọ́ pé ó bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2019 dé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2020, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn sókè." Ó kà á. Ó dákẹ́. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó kọ, tí òun fúnra rẹ̀ máa fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú lẹ́tà, ni yóò pe lẹ́tà náà ní irọ́. Bí ó bá na ọjọ́ iṣẹ́, déètì á takò ó. Bí ó bá dá Kòrónà lẹ́bi, gbólóhùn "òun fúnra rẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀" á takò ó, nítorí ilé-iṣẹ́ náà kò ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbẹ́ bohóòlù lọ ní gbogbo ìparí ọdún yẹn.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà ní irú ipò yìí kọ́kọ́ ṣe kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan: kó gbogbo ìwé rẹ jọ, kí o sì wo déètì orí wọn. Lẹ́tà èròǹgbà kì í dá rìn. Ìwé ìtàn iṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́, lẹ́tà ọ̀gá rẹ àti èsì ìdánwò rẹ ń bá a rìn pọ̀, àwọn yẹn á sì sọ̀rọ̀ yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́. Ní ti èyí, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ojú ìwé 2 ni lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ kọjá, ìtàn àìsàn màmá rẹ̀ sì gba ojú ìwé kan àti díẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́, owó tí wọ́n ná, àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò wá, ohun tó ń ṣe fún ara wọn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, nítorí èmi náà wà lára àwọn tí kò wá tó. Lẹ́yìn tí mo nu ojú mi tán, mo wá béèrè lọ́wọ́ ara mi pé bí èmi bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa omi, tí n kò mọ obìnrin yìí rí, kí ni mo mọ̀ nípa omi rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ka èyí? Kò sí. Mo mọ̀ pé ó jìyà, mo mọ̀ pé ọmọ rere ni. Mi ò mọ ìdí tí ó fi yẹ kí n kọ́ ọ ní ìmọ̀ omi.

Mo pè é, mo sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dùn ún. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní kí n má purọ́. Mo wá sọ òótọ́ tán, ẹ tún ní ó ti pọ̀ jù."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi ronú gidigidi. Ohun tí mo wá sọ fún un ni pé gbogbo ohun tó kọ ni òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka irú lẹ́tà yìí ní ìbéèrè mẹ́ta péré nípa àlàfo: ta ló fi ta sílẹ̀, ìwọ tàbí ibi iṣẹ́? Ṣé ohun tó fa á ti parí, tàbí yóò tún pè ọ́ kúrò ní kíláàsì? Ṣé ìmọ̀ rẹ ti dípẹtà? Òótọ́ tó bá dáhùn àwọn mẹ́ta yìí ni ti lẹ́tà. Òótọ́ tó kù jẹ́ ti ẹbí.

Ìbéèrè kẹta ló le fún wa. Mo bi í pé kí ló ṣe láàárín oṣù 28 yẹn tó kan iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí. Mo ní kò ka nǹkan kan? Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun parí ọ̀kan, èyí tó wà fún yíya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú QGIS, òun kò parí èkejì. Mo ní kí ó kọ èyí tó parí sínú ìwé ìtàn iṣẹ́, nítorí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbàgbé èyí tí kò parí. Mo tún bi í pé kò sí nǹkan mìíràn? Ó ní, "Àfi ìwé kànga yẹn."

Ìwé kànga wo?

Ó ṣẹlẹ̀ pé ìtọ́jú màmá wọn ń gba omi púpọ̀, kànga inú ọgbà wọn sì máa ń fẹ́ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ó gbẹ lójijì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní láti máa ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2021, ó pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ó tún bá òun lójijì. Ó mú okùn, ó so nọ́ọ̀tì irin ńlá mọ́ ìdí rẹ̀, ó fi téèpù sàmì sí i ní mita mita, ó sì ń fi ẹfun kun ìsàlẹ̀ okùn náà kí ibi tí omi dé lè hàn kedere nígbà tó bá fà á sókè. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé girama àbúrò rẹ̀ kan tó ṣẹ́kù. Ìwọ̀n 53 ló wà níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án omi wà ní mita 2.1 sí ẹnu kànga. Ní oṣù Kẹta ó ti lọ sí mita 8.4, kànga náà kò sì ju mita 9 lọ.

Mo dìde lórí ìjókòó. Àwọn tó ń gbé Abẹ́òkúta mọ ohun tí mo ń sọ: àpáta ni abẹ́ ìlú náà. Omi tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ bíi ti ilẹ̀ yanrìn etíkun. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta ló ń gbé, àti inú ibi tí àpáta ti sán. Ìdí nìyẹn tí kànga kan fi lè ní omi kí ti ojúlé kejì gbẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń gbẹ́ bohóòlù jíjìn tí wọn kò rí omi. Ọmọ yìí ti ń wo ohun tó fẹ́ lọ kọ́ láti ẹnu kànga ìyá rẹ̀ fún oṣù 14, ó sì ń sọ fún mi pé kò sí.

Ẹ kíyè sí i o, ewu tuntun wà níbí. Ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà ó ti fi ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ tó sọ pé òun "darí iṣẹ́ ìwádìí nípa omi abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún méjì". Mo ní kó pa á rẹ́. Kò darí ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ọdún méjì, okùn àti nọ́ọ̀tì sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pè é ní ìwádìí, ọ̀jọ̀gbọ́n á béèrè ìlànà, á béèrè kànga mélòó, á sì rí i pé ọ̀kan ni. Bí ó bá pè é ní ohun tó jẹ́, kànga kan, okùn kan, ìwọ̀n 53, ọ̀jọ̀gbọ́n náà á rí ẹni tó ń wọn nǹkan nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bákan náà ni mo kọ̀ fún un nígbà tó fẹ́ kọ ọ́ pé ìtọ́jú màmá kọ́ òun ní "ìṣàkóso àkókò àti ìdarí". Ó tọ́jú ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku kí a gba àṣẹ. Ìtàn àìsàn yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ní kí ó ka ìpínrọ̀ náà fún màmá rẹ̀ ní Yorùbá. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣé mo jí nǹkan ni, tí màá fi máa tijú? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n má kọ bí o ṣe ń tọ́jú ara mi fún àwọn tí mi ò mọ̀." Nítorí náà a yọ orúkọ àìsàn náà kúrò pátápátá, a kọ "àìsàn ńlá". Èmi náà kò kọ ìyókù síhìn-ín.

Òyìnbó ni ó fi kọ lẹ́tà náà. Bí mo bá gbé ìpínrọ̀ àlàfo náà sí èdè wa, bó ṣe lọ nìyí:

"Ní òpin oṣù Kẹjọ 2020 mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn ńlá kan tó dá ìyá mi dùbúlẹ̀, èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ nílé fún oṣù 28. Láti oṣù Kọkànlá 2021 mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi kànga ilé wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú okùn tí mo sàmì sí. Ìwọ̀n 53 tí mo kọ sílẹ̀ fi hàn pé omi náà ń lọ láti mita 2.1 ní ìgbà òjò sí mita 8.4 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń yára lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò tó kẹ́yìn, ìbéèrè yìí ló sì mú mi yan ẹ̀kọ́ yín. Ìyá mi ti ń fi ọ̀pá rìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ti ń bá a gbé láti oṣù Kejìlá 2022. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kínní 2023."

Ìpínrọ̀ kan péré nínú ojú ìwé méjì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ta ló fi ta sílẹ̀, ó sì bá ìwé-ẹ̀rí Ìbàdàn mu dé orí oṣù. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí "ó ṣeni láàánú pé", kò sí "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀", nítorí ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì ń sọ fún òǹkàwé pé ẹ̀ṣẹ̀ wà. Gbólóhùn nípa ohun tí kò lè ṣàlàyé ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti fi àlàfo hàn ní rere, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé ó ṣe àwọn lóore. Àìsàn ìyá ẹni kì í ṣe oore. Ohun rere tó wà níbẹ̀ ni pé ó jáde pẹ̀lú ìbéèrè kan tó ṣe é fi ìka tọ́, ẹ̀kọ́ tó ń béèrè fún sì ni ibi tí wọ́n ti ń dáhùn irú rẹ̀. Gbólóhùn nípa àbúrò ìyá rẹ̀ dáhùn ẹ̀rù pé á tún sá padà wálé. Déètì inú rẹ̀ ló fún un ní agbára, nítorí ó fi hàn pé ètò náà ti dúró fún oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó kọ lẹ́tà.

Ibi tí a fi ìpínrọ̀ náà sí náà gba ìrònú. Ó kọ́kọ́ fi í síbi ìparí, lẹ́yìn èròǹgbà rẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, bí ẹni tó ń rọra sọ ọ́ jáde nígbà tó ti ń dágbére. Èyí á jẹ́ kí òǹkàwé ti rí ihò náà nínú ìwé ìtàn iṣẹ́, kí ó sì ti máa méfò fún ojú ìwé kan àtààbọ̀. Bí a bá sì fi í ṣíwájú, òun ni wọn á fi mọ̀ ọ́n. A fi í sí ààrin, níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀: Ìbàdàn, ilé, Abẹ́òkúta. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, ó sì fi ìwé kànga yẹn so ó pọ̀: ní ibi iṣẹ́ tuntun, òun ló ní kí wọ́n máa wọn omi inú bohóòlù mẹ́rin tí wọ́n ń tọ́jú kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ fi ìdí èyí múlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.

Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́, ìlà kan la fún àlàfo náà: "Oṣù Kẹsàn-án 2020 – Oṣù Kejìlá 2022. Ìtọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, nílé." Ẹ̀kọ́ QGIS wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ kúkúrú, ní ààyè tirẹ̀. Mo kọ̀ kí a fi ìtọ́jú sí abẹ́ "iṣẹ́" pẹ̀lú orúkọ oyè kan tó dùn lẹ́nu, nítorí oṣù 28 yẹn kò lè wọ inú oṣù 25, àwọn tó ń kà á sì máa ń mọ̀ bí ènìyàn bá fẹ́ tì í wọlé.

Kì í ṣe gbogbo àlàfo ló rí báyìí. Èyí tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì fà, bíi ti 2022 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì tó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, kò gbà ju ìdajì gbólóhùn lọ. Orílẹ̀-èdè ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó wá iṣẹ́ tí kò rí, kí ó sọ pé òun wá iṣẹ́, kí ó sì sọ ohun tó fi ń jẹun, ìbáà jẹ́ aṣọ rírán tàbí ọjà títà. Ti ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ló le jù, n kò sì ní sọ pé ìpínrọ̀ kan lè tún un ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sọ pé òun fúnra òun ló fi í sílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló kọ̀wé sí. Ọ̀kan kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí. Èkejì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti múra láti dáhùn nípa màmá rẹ̀, ó ti ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè nípa ìyẹn kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló wà pẹ̀lú ìyá rẹ báyìí? Ó dáhùn bí ó ṣe wà nínú lẹ́tà, wọ́n sì kọjá.

Ìbéèrè tó gba àkókò wọn ni ti kànga. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, ìgbà wo lóòjọ́ lo ń wọ̀n ọ́n, kí àwọn ènìyàn tó pọn omi tàbí lẹ́yìn tí wọ́n pọn ọ́n? Bí wọ́n bá ti pọn, omi á ti wálẹ̀, ìwọ̀n náà kò sì ní sọ òótọ́ nípa ilẹ̀. Àbúrò mi ní àárọ̀ kùtù lòun máa ń wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà òun kò rí ààyè jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun títí oòrùn fi là, òun sì fi àmì sí ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà nínú ìwé. Onítọ̀hún ní kí ó gbé ojú ewé náà sún mọ́ kámẹ́rà. Ó gbé e. Lẹ́tà gbígbà rẹ̀ dé ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ti wà ní Jámánì báyìí. Màmá rẹ̀ ń rìn dé ẹnu géètì fúnra wọn. Ọmọ àbúrò wọn, ọmọ ọdún 13, ló ń wọn kànga náà báyìí, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó ju korobá sí i.